Ẹ Jẹ́ Kí Fóònù Yín Ka Orí Lẹ́tà Kó Tó Gbé Ẹrù: Bí A Ṣe Ń Gba Ímeèlì Lórí Dátà Díẹ̀

Lónìí, a ò ní sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, a ò sì ní sọ̀rọ̀ kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ímeèlì la gbé wá. Àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa ti ń fi ọjọ́ ìkẹ́rù, iye owó àti fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí ímeèlì báyìí, orí fóònù sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbà á, ní abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá tó ń lọ.

Àwa òṣìṣẹ́ ágíríìkì tí a ń yí abúlé ká ní Òkè-Ògùn, ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kò yàtọ̀ síra. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, àárọ̀ yìí ni mo ra dátà. Ímeèlì nìkan ni mo ṣí, ó ti tán. Lẹ́tà tí mo ń retí gan-an ò sì tíì wọlé." Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ọ̀nà tí fóònù wọn gbà ń kó lẹ́tà wọlé ló fa á, ó sì ṣeé tún ṣe.

Ẹ wo bí ẹ ṣe máa ń ṣe ní gáréèjì nígbà tí mọ́tò ẹrù bá dé. Ẹ kì í sọ fún alábàárù pé kó máa ru gbogbo àpò tó bá ti rí lọ sílé yín. Ẹ máa kọ́kọ́ wo àmì tí wọ́n kọ sára àpò: ti ta ni, ibo ló ti wá, kí ló wà nínú rẹ̀, ṣé ó wúwo? Ìgbà tí ẹ bá mọ èyí tí ẹ fẹ́ lónìí lẹ tó sanwó alábàárù. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kó wà ní ṣọ́ọ̀bù gáréèjì títí ẹ ó fi rí kẹ̀kẹ́ tó pọ́ọ́kú.

Bí ímeèlì náà ṣe rí nìyẹn. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní orí, ó ní ọ̀rọ̀, ó sì lè ní ẹrù tí wọ́n so mọ́ ọn. Orí lẹ́tà ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àkọlé rẹ̀, ọjọ́ àti aago tó fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ni ohun tó kọ. Ẹrù ni fọ́tò, PDF tàbí fọ́ọ̀mù. Orí lẹ́tà tí fóònù nílò kò ju nǹkan bíi kílóbáìtì kan tàbí méjì lọ, èyí tí fóònù ń kọ ní KB. Ọ̀rọ̀ lásán kì í sábà pọ̀. Ẹrù ló ń wúwo, mẹ́gábáìtì la fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tí fóònù ń kọ ní MB, MB kan sì tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún KB. Fọ́tò kan péré tí fóònù òde òní yà lè wọ MB 3 tàbí 4.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Lẹ́tà ni wọ́n ṣe ímeèlì fún láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fọ́tò. Kí fọ́tò tó lè bá a rìn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di álífábẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà, báìtì mẹ́ta á sì di lẹ́tà mẹ́rin. Ìyẹn ni pé fáìlì tó jẹ́ MB 3 lórí fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di MB 4 kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àfikún ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn, orí dátà yín ló ń lọ.

Ẹ wá ro ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ ọn. Níbi tí fóònù bá ti ń gbé àmì E sókè, tí ẹ bá rí KB 12 gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ dúpẹ́. Ní ìwọ̀n yẹn, orí lẹ́tà mẹ́wàá á wọlé kí ẹ tó ka ẹní títí dé ẹẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹrù MB 8 á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 11, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá já. Tó bá já ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, àtìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ áàpù á tún ti bẹ̀rẹ̀, ẹ á sì san owó ẹrù kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ gan-an ni dátà yín ń gbà lọ.

Báwo la ṣe lè mú kí fóònù ka orí lẹ́tà kọ́kọ́?

Áàpù tí àwa ń fi kọ́ àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ni K-9 Mail. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Android, ó sì ń gba àdírẹ́sì Gmail wọlé. Orí rẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ Thunderbird ti Android lé, nítorí náà ètò inú àwọn méjèèjì jọra. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá wọ ìlú kí ẹ tó gbé áàpù náà sórí fóònù, kí ó má baà jẹ́ òun ló máa jẹ dátà oko.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ yan láàárín IMAP àti POP3, IMAP ni kí ẹ yàn. Pẹ̀lú IMAP, lẹ́tà ń gbé lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ímeèlì yín, fóònù kàn ń yọjú wò ó ni. Òun ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti mú orí lẹ́tà nìkan, láti mú ẹrù kan láàárín mẹ́ta, kí a sì fi ìyókù sílẹ̀ níbi tó wà láìsí ewu.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ètò àkáǹtì yín nínú áàpù náà, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ "Fetching mail". Ẹ máa rí "Fetch messages up to". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: lẹ́tà tó bá wúwo ju ìwọ̀n yìí lọ, má ṣe gbé e tán. Àwa máa ń sọ ọ́ di KB 8. Lẹ́tà tó bá kéré sí èyí á wọlé lódindi. Èyí tó bá jù ú lọ, orí rẹ̀ á wọlé, díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, ẹrù rẹ̀ á dúró níta. Tí ẹ bá ṣí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí orúkọ ẹrù náà àti ìwọ̀n rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá pinnu bóyá kó wọlé.

Ohun kejì ni iye ìgbà tí áàpù ń yẹ lẹ́tà wò fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìṣẹ́jú 15. Ẹ sọ ọ́ di pé ìgbà tí ẹ bá fẹ́ nìkan ni, kí ẹ máa fi ìka fa ojú fóònù wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá gun orí òkè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ohun kẹta ni àwòrán inú lẹ́tà. Lẹ́tà ìpolówó máa ń fi àwòrán sí ọ̀nà jíjìn, tí fóònù á sì máa lọ gbé e wá nígbà tí ẹ bá ṣí i. Ẹ sọ fún un pé kó má ṣe gbé àwòrán kankan wá láìjẹ́ pé ẹ ní kó gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ kúrò lórí áàpù Gmail, ẹ lè ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè, ẹ lọ sí "Settings", ẹ tẹ àdírẹ́sì yín. Ẹ yọ àmì tó wà níwájú "Download attachments". Níbi "Images", ẹ yan "Ask before displaying external images". Níbi "Days of mail to sync", ọjọ́ 30 ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, ẹ dín in kù sí bíi ọjọ́ 3. Ṣùgbọ́n áàpù yìí ò ní jẹ́ kí ẹ fi KB dá ìwọ̀n lé ọ̀rọ̀ lẹ́tà bíi ti K-9.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú wa ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àgbàdo kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ ẹran ló fẹ́ ra àgbàdo lọ́wọ́ wọn, àdéhùn sì ni pé ọkọ̀ á dé ní Ọjọ́bọ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé, àwa àti akọ̀wé wọn jọ dúró lẹ́bàá igi ìrókò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wá sí. Àmì E ló wà lójú fóònù. MB 40 péré ló kù nínú dátà rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tó o títí di Ọjọ́bọ̀ tó máa wọ ìlú.

Ó fa ojú fóònù wálẹ̀. Orí lẹ́tà 11 wọlé. Márùn-ún jẹ́ ìpolówó, ọ̀kan jẹ́ ti báǹkì, gbogbo wọn pọ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó KB 600. Ọ̀kan jẹ́ fọ́tò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹgbẹ́ lọ, mẹ́fà ni fọ́tò náà, MB 9.2. Ọ̀kan jẹ́ ìwé oníṣòwò oògùn oko, MB 5.8. Ọ̀kan jẹ́ àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀, MB 1.1. Ọ̀kan jẹ́ fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fọwọ́ sí, MB 2.4. Àfikún tí a sọ lókè ti wà nínú ìwọ̀n wọ̀nyí. Èyí tó kẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ra àgbàdo, KB 6 péré ni, kò sí ẹrù kankan lára rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni pé ọjọ́ ìkẹ́rù ti yí padà.

Lẹ́tà KB 6 yẹn ni a kọ́kọ́ ṣí. Ó ti wọlé lódindi nítorí kò tó 8. Wọ́n ní ọkọ̀ ò ní dúró di Ọjọ́bọ̀ mọ́, òwúrọ̀ Ọjọ́rú ló ń bọ̀. Wọ́n tún rán wọn létí pé omi inú àgbàdo ò gbọdọ̀ ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ àgbàdo ẹgbẹ́ ṣì wà lórí tapólì lọ́jọ́ yẹn, wọn ò tíì dì í sápò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló kù láti sá a parí, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n dì í. Akọ̀wé gbé fóònù sétí lójú ẹsẹ̀, ó pe alága.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó wo ìyókù. A ṣí lẹ́tà fọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ pé Ọjọ́ Ẹtì ni ó gbọ́dọ̀ padà. Ọjọ́bọ̀ ni akọ̀wé máa wọ Ìsẹ́yìn, ó sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde níbẹ̀ lọ́nàkọnà, nítorí náà kò sí ìdí kankan láti gbé e wọlé lábẹ́ igi ìrókò. Ó fi àmì ìràwọ̀ sí i. Àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀ ńkọ́? Ẹni kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ ra ajílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ńbà inú rẹ̀ ló máa sọ èyí tó máa rà. Ìyẹn la gbé wọlé, ó gba bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Fọ́tò àti ìwé oògùn, a fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà 11 náà pọ̀ tó MB 19. Ká ní fóònù kó o wọlé lódindi, ó máa gba ìṣẹ́jú 26 ó kéré tán, á sì jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ìdajì MB 40 tó kù. Ohun tí ó ná ní alẹ́ yẹn kò ju MB kan àti díẹ̀ lọ: orí lẹ́tà 11, díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, àti àyẹ̀wò ilẹ̀ kan. Ọkọ̀ dé ní Ọjọ́rú, ó bá àpò nílẹ̀.

Ẹgbẹ́ kejì wà ní abúlé kejì tí àwọn náà gba lẹ́tà kan náà. Fóònù akọ̀wé tiwọn ń kó gbogbo nǹkan wọlé fúnra rẹ̀. Fọ́tò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló ń gbé lọ́wọ́ nígbà tí dátà tán ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé. Ọ̀sán Ọjọ́rú ló tó rí káàdì rà, ìgbà yẹn ni lẹ́tà KB 6 yọ. Ọkọ̀ ti dé, ó bá àgbàdo lórí tapólì, ó ti kọjá lọ. Ọjà ìlú ni wọ́n padà gbé e lọ, iye tí wọ́n tà á kò sì tó iye àdéhùn, wọ́n tún san owó mọ́tò lé e. Lẹ́tà tó kéré jù ló ṣe pàtàkì jù, fọ́tò ló sì dí i lọ́nà.

Àwọn ibi tí ó ti máa ń dàrú

Àkọ́kọ́, bọ́tìnnì "Download complete message". Nínú K-9, nísàlẹ̀ lẹ́tà tí kò tíì wọlé tán lẹ ti máa rí i. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo lẹ́tà náà pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀ ló máa gbé. Tó bá jẹ́ fáìlì kan lẹ fẹ́ nínú mẹ́ta, orí fáìlì yẹn gan-an ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì yẹn sílẹ̀ fún lẹ́tà tí kò ní ẹrù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn gùn.

Èkejì, ọ́tísípọ́ọ̀tì. Tí ọmọ yín bá tan dátà fóònù tirẹ̀ fún yín, fóònù yín lè kà á sí wáìfáì. Áàpù tí ẹ sọ fún pé kó má gbé ẹrù àfi lórí wáìfáì á rò pé àyè ti gbà á, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ohun tí ẹ sún síwájú wọlé, dátà ọmọ yín ló sì máa fi kó o. Ẹ wọ ètò wáìfáì fóònù, ẹ tẹ orúkọ ọ́tísípọ́ọ̀tì náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Treat as metered", ẹ yàn án. Ìyẹn ń sọ fún fóònù pé dátà tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, pípa lẹ́tà rẹ́. Àwọn kan máa ń pa lẹ́tà tó wúwo rẹ́ kí àyè lè gba fóònù. Pẹ̀lú IMAP, ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí fóònù, ẹ ti pa á rẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹrù tí ẹ ò tíì gbé wọlé ò gba àyè kankan lórí fóònù yín. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìwọ̀n kọ́ ló ń sọ bí lẹ́tà ṣe ṣe pàtàkì tó. Àwọn kan máa ń ya fọ́tò bébà tí wọ́n fọwọ́ sí, wọ́n á so ó mọ́ lẹ́tà, wọn ò ní kọ ọ̀rọ̀ kankan. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kà nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi gbé MB 4 wọlé. Ohun tí àwa máa ń ṣe ni kí a dá ìlà kan péré padà fún ẹni tó kọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi tí a wà kò dára. Ẹ bá wa kọ ọjọ́, iye owó àti ibi tí a ti máa pàdé sínú lẹ́tà fúnra rẹ̀." KB díẹ̀ ni ìdáhùn yẹn ń ná. Ọ̀pọ̀ oníbàárà, tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá ń kọ̀wé sí àwọn ẹlòmíì, ẹ kọ kókó ọ̀rọ̀ sí àkọlé. "Ọkọ̀ yí sí Ọjọ́rú" sàn ju "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" lọ, nítorí ẹni tó rí orí lẹ́tà nìkan ti rí iṣẹ́ tí ẹ rán sí i.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ ìlú, tí ẹ rí wáìfáì tòótọ́ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó le, ẹ wá gbogbo ẹrù tí ẹ ti sún síwájú. Nínú Gmail, ẹ tẹ èyí síbi ìwákiri:

```
has:attachment larger:2M
```

Gbogbo lẹ́tà tó ní ẹrù, tí ó ju MB 2 lọ, á tò sílẹ̀. Ẹ gbé èyí tí ẹ fi ìràwọ̀ sí wọlé, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́, ẹ wọ "Settings" fóònù, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ka iye dátà tí áàpù kọ̀ọ̀kan jẹ. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà níwájú áàpù ímeèlì sílẹ̀ lónìí, ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ méje. Fóònù máa ń ya èyí tó jẹ nígbà tí ẹ ṣí áàpù sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jẹ lẹ́yìn yín, "Background" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tí ti ẹ̀yìn yín bá ṣì pọ̀, ohun kan ṣì ń kó lẹ́tà wọlé láìgbàṣẹ: ẹ padà lọ wo iye ìgbà tó ń yẹ lẹ́tà wò, ẹ sì wò ó bóyá Gmail àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú K-9, tí àwọn méjèèjì wá ń gbé lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa "Sync Gmail" nínú ètò Gmail, ọ̀kan péré ni kó máa ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ẹ ń retí lẹ́tà oníbàárà lọ́sẹ̀ yìí, ìwọ̀n KB 8 yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.